Lẹ́tà sí Àǹtí mi ní Obáńtokò: ẹ má tíì da ọ̀já kòríkò yẹn nù

Àǹtí mi,

Ẹ kú ọ̀rinrin o. Ẹ bá mi kí Bọ̀dá àti àwọn ọmọ. Mo rí àwọn fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́, mo sì gbọ́ ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ pé òtútù ti pa òdòdó yín, pé ẹ fẹ́ gbé e sọ sórí ààtàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé e. Ohun tí ẹ bá ṣe lọ́sẹ̀ yìí ni yóò pinnu bóyá ó máa yè. Mo sì ń kọ lẹ́tà yìí sí gbangba nítorí mo mọ̀ pé ilé yín nìkan kọ́ ni òjò ọdún yìí ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní Abẹ́òkúta.

Òtútù kọ́ ló ń pa á. Púpọ̀ nínú ohun tí èèyàn ń kà nípa ọ̀já kòríkò, èyí tí àwọn tó ń ta òdòdó ń pè ní sínéèkì pílántì, àwọn ará ìlú tí yìnyín ti ń bọ́ ló kọ ọ́. Lọ́dọ̀ tiwọn, bí ilé bá tutù kọjá dígíríì 10, òtútù fúnra rẹ̀ lè ba ewé jẹ́. Tiwa kì í tó bẹ́ẹ̀. Kódà ní oṣù keje àti ìkẹjọ tí a ń fi súwẹ́tà jáde láàárọ̀, kì í sábà wálẹ̀ ju dígíríì 20 lọ níhìn-ín. Apá ilẹ̀ wa ni ewéko yìí sì ti ṣẹ̀, láti Nàìjíríà lọ dé orílẹ̀-èdè Kóńgò. Ó mọ òjò wa. Ohun tí òtútù ṣe ni pé kò jẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ inú ìkòkò gbẹ.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi tí ẹ bá bù sí i á ti gbẹ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Lásìkò tí ojú ọ̀run ṣú yìí, omi kan náà lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó sì tó gbẹ, òjò mìíràn á ti rọ̀ sí i. Òdòdó náà kò lè bá yín mu ún tán. Ọ̀pọ̀ ewéko máa ń ṣí ihò tíntìntín ara ewé wọn lọ́sàn-án, omi á gba ibẹ̀ fẹ́ lọ, gbòǹgbò á sì tún fa òmíràn gòkè. Òru ni ọ̀já kòríkò ń ṣí tirẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ bá tutù. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ó ń pa á dé. Ohun tó jẹ́ kó lè fara da ọ̀dá nìyẹn, òun náà ni kì í jẹ́ kó mu omi púpọ̀ nígbà òjò.

Gbòǹgbò ń mí, Àǹtí. Inú àlàfo kéékèèké tó wà nínú iyẹ̀pẹ̀ ló ti ń rí afẹ́fẹ́. Bí omi bá gba gbogbo àlàfo náà fún ọjọ́ pípẹ́, gbòǹgbò á kú. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀, fọ́ńgọ́ọ̀sì àti bakitéríà, á wá bo òkú gbòǹgbò yẹn, wọ́n á sì gba ibẹ̀ gòkè dé ìdí ewé tó nípọn tó sì kún fún omi. Ìdí rèé tí ìsàlẹ̀ fi ń rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀ nígbà tí òkè ewé ṣì dúró, tó ń dán, tí ẹ kò lè fura.

Nínú fọ́tò kejì tí ẹ yà, mo rí i pé rọ́bà ọ̀dà ni ẹ gbìn ín sí, ó wà lábẹ́ etí páànù gan-an níbi tí omi ti ń ṣàn wálẹ̀, àwo tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì kún fọ́fọ́. Ewé méje ni mo kà. Mẹ́ta ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdí wọn ti yí padà sí àwọ̀ ilẹ̀. Mẹ́rin ṣì dúró. Ẹni tó ní kí ẹ bu fàtíláísà sí i fẹ́ ire fún yín ni, ṣùgbọ́n ẹ má bù ú. Gbòǹgbò tó ti kú kò lè jẹun, iyọ̀ inú fàtíláísà á sì tún jó ìwọ̀nba èyí tó kù.

Kí ẹ tó hú u, ẹ fi ìka méjì tẹ ìdí ewé kọ̀ọ̀kan níbi tó ti wọ iyẹ̀pẹ̀. Èyí tó yè á le gbọin. Èyí tó ń jẹrà á wọnú lábẹ́ ìka yín, omi á yọ lára rẹ̀, bí ẹ bá sì rọra fà á, á tú kúrò ní ìdí rẹ̀ láìjà. Ẹ gbóòórùn ìka yín lẹ́yìn náà: bí ó bá ń rùn, bakitéríà ti wà níbẹ̀, ìyẹn sì máa ń yára tàn, ẹ má fi di ọ̀la. Bí ewé bá kàn tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣùgbọ́n tí ìdí rẹ̀ le, ìmọ́lẹ̀ ni kò tó o, kò jẹrà. Àmì kan wà tó máa ń tan èèyàn jẹ, òun ni ewé tó hunjọ. Lórí iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ, òùngbẹ ni. Lórí iyẹ̀pẹ̀ tó rin gbindin, gbòǹgbò ni kò sí mọ́ láti gbé omi gòkè, ẹni tó bá sì tún bu omi sí i, ó ń parí iṣẹ́ òjò ni.

Ẹ wá dojú rọ́bà náà kọlẹ̀, kí ẹ gbọn iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ dànù. Ẹ má tún un lò fún òdòdó mìíràn. Ẹ máa rí ohun kan tó nípọn, tó ń rìn lábẹ́ ilẹ̀, tó dà bí ata ilẹ̀, tí ewé ti ń yọ lára rẹ̀. Òun ni ẹ̀mí òdòdó yìí. Gbòǹgbò tó dáa lára rẹ̀ á le díẹ̀ lọ́wọ́. Èyí tó ti jẹrà, ẹ fi ìka fà á, awọ rẹ̀ á bọ́, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ lásán á sì kù sí yín lọ́wọ́. Ẹ mú ọ̀bẹ tó mú, ẹ fi òwú tí ẹ rẹ sínú sípíríìtì nù ún, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Ẹ wo ojú ibi tí ẹ gé. Tó bá funfun tàbí tó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tó sì le, ẹ ti dé ibi tó mọ́. Bí ilà kan ṣoṣo tó dúdú bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ tún gé sí i, kí ẹ sì nu ọ̀bẹ kí ẹ tó gé òmíràn, torí ọ̀bẹ tí ẹ kò nù á gbé ìjẹrà wọ ibi tó yè. Ó máa ń dun èèyàn láti gé e, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó bá kù díẹ̀ tó sì mọ́ sàn fún yín ju ńlá tó ní àbààwọ́n lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ má gbìn ín lójú ẹsẹ̀. Ojú egbò gbọ́dọ̀ gbẹ kó sì dì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn kòkòrò yẹn á tún gba ibẹ̀ wọlé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tó, ṣùgbọ́n lásìkò yìí ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ìwé ìròyìn nínú pálọ̀, lẹ́bàá fèrèsé tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, kó má ṣe jẹ́ ilé ìdáná tí ooru omi ń gbà kiri. Kò ní kú. Omi inú ewé rẹ̀ á gbé e ró.

Mo mọ̀ pé etí yẹ́lò ewé yẹn ni ẹ fẹ́ràn, nítorí náà ẹ fiyè sí èyí. Àwọn èèyàn á sọ fún yín pé kí ẹ gé ewé sí wẹ́wẹ́ kí ẹ gbìn ín, àti pé á hù. Òótọ́ ni, á hù, ṣùgbọ́n èyí tó bá hù láti ara ewé á jẹ́ aláwọ̀ ewé lásán, kò ní ní yẹ́lò létí. Lára ohun abẹ́ ilẹ̀ yẹn nìkan ni yẹ́lò ti ń bá ọmọ bọ̀. Bí ẹ bá lè rí èyí tó gùn tó ìka kan tó mọ́, tí ewé kan wà lórí rẹ̀, ẹ ti gba òdòdó yín padà. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti dúdú dénú, a jẹ́ pé ewé ló kù: ẹ gé ibi tó le sí sẹ̀ńtímítà mẹ́wàá mẹ́wàá, kí ẹ gé ìsàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdagun kí ẹ lè mọ̀ ọ́n, torí bí ẹ bá dojú rẹ̀ kọlẹ̀ kò ní ta gbòǹgbò. Á gbà tó oṣù kan sí méjì kó tó ta gbòǹgbò, ọmọ tuntun á sì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó yọjú.

Ẹ lo ìkòkò amọ̀ tó ní ihò nídìí, kékeré tó kàn gba òdòdó náà. Ìkòkò ńlá á gba omi tí gbòǹgbò kò lè dé ibẹ̀ mu. Ẹ po abọ́ iyẹ̀pẹ̀ kan mọ́ abọ́ kan yanrìn tó ní hóró, pẹ̀lú ìdajì abọ́ òkúta wẹ́wẹ́ tí kò tóbi ju ẹyọ àgbàdo lọ. Òkúta kò wọ́n ní Abẹ́òkúta, ẹ kàn ṣà á kí ẹ sì fọ eruku rẹ̀ kúrò. Inú iyẹ̀pẹ̀ ni kí ẹ po òkúta náà mọ́ o, ẹ má ṣe kó o sí ìsàlẹ̀ ìkòkò bí gbogbo èèyàn ti ń ṣe. Omi kì í fi iyẹ̀pẹ̀ kíkúnná sílẹ̀ bọ́ sórí òkúta títí iyẹ̀pẹ̀ náà á fi rin gbindin. Nítorí náà, òkúta ìsàlẹ̀ kàn ń gbé ibi tó rin yẹn gòkè sún mọ́ ìdí ewé ni. Kí ẹ tó gbin nǹkan kan, ẹ da omi ife kan sínú ìkòkò náà. Bí omi bá dúró lójú iyẹ̀pẹ̀, ẹ fi yanrìn kún un.

Bí ẹ bá ti gbìn ín, ẹ má bomi sí i fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa fi ọwọ́ ìgbálẹ̀ kan gún iyẹ̀pẹ̀ dé ìsàlẹ̀: bí ó bá jáde pẹ̀lú ẹrẹ̀ tàbí tó tutù, ẹ fi í sílẹ̀. Títí òjò á fi lọ, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó béèrè omi. Ẹ gbé e sí fàráńdà níbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ ṣùgbọ́n tí omi páànù kò dé, kí ẹ sì gbé àwo yẹn kúrò lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ ya fọ́tò ojú ibi tí ẹ gé ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó gbìn ín, ẹ yà á níta níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí n lè rí i bóyá ilà dúdú kan ṣì kù.

Èmi ọmọ yín ní Ìdí-Abà.