Lẹ́tà lórí ewì aláró

Ìbàdàn

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà? Ṣé òtútù Lọ́ńdọ̀nù ò máa dà yín láàmú jù? Ewì tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ kọ nípa ìyá-ìyá rẹ̀ tó jẹ́ aláró l'Óṣogbo ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní kí n bá ọ wo ibi tó yẹ kí o tọ́ka sí fún un àti ibi tó yẹ kí o fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo dà á kọ síbí kí àwa méjèèjì lè jọ máa wo ohun kan náà:

Ikú dóró, ikú ṣìkà,
Ó mú yèyé mi lọ.
Omijé ń dà lójú mi bí òjò.
Ìkòkò aró ṣì ń bẹ lẹ́yìnkùlé,
Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀.
Aṣọ tí yèyé mi rẹ kẹ́yìn kí ó tó fi ayé sílẹ̀ ṣì wà lórí okùn,
Ó dúdú, ó dúdú, kò dúdú tó ọwọ́ rẹ̀.
Má jọ̀kùn, má jekòló,
Ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́hùn-ún ni kó o bá wọn jẹ.

Má tíì mú gègé. Kà á sókè ná, kí o fi àmì sí ibi tí èémí rẹ ti já àti ibi tí ahọ́n rẹ ti kọsẹ̀. Inú mi dùn pé ó fi àmì ohùn sí gbogbo rẹ̀. Láìsí àmì, ta ni yóò mọ èyí tó jẹ́ “rẹ” ti aláró àti èyí tó jẹ́ “rẹ̀” ti ìyá náà, nígbà tí àwọn méjèèjì wà nínú ìlà tó tẹ̀ léra wọn?

Lẹ́yìn náà, kọ ohun tí ọmọ yìí ń ṣe fúnra rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Gbólóhùn rẹ̀ kúrú, kì í fi “nítorí náà” tàbí “ṣùgbọ́n” so wọ́n pọ̀. Ohun èlò iṣẹ́ ni ó ń jẹ́ kó ṣọ̀fọ̀ dípò ara rẹ̀. “Yèyé” ni wọ́n ń pè é nílé wọn, òun náà sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ni ohùn rẹ̀. Bí àbá kan tí o fẹ́ dá bá máa pa ọ̀kan nínú wọn, àfi kí o ní ìdí tó lágbára. Fífi “ìyá” rọ́pò “yèyé” nítorí pé òun ló wà nínú ìwé kò tó ìdí.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ àlògbó. Yọ ìlà kan, kí o gbé e sínú ọ̀fọ̀ ẹlòmíràn, ti awakọ̀ tàbí ti olùkọ́. Bí ó bá bá a mu láìyí ohunkóhun padà, ìlà náà kì í ṣe tirẹ̀. Ìlà kìíní àti ìkẹta kò la èyí já. Omijé tó ń dà bí òjò kò jẹ́ kí a rí omijé, kò sì jẹ́ kí a rí òjò.

Ṣùgbọ́n ìlà méjì tó kẹ́yìn náà yóò bá òkú ẹnikẹ́ni mu, ibí sì ni ọ̀pọ̀ aláyẹ̀wò ti ń ṣìnà. Ọ̀rọ̀ ìdágbére fún òkú ni “má jọ̀kùn, má jekòló”. Gbogbo wa la ni ín, olùgbọ́ sì ń retí rẹ̀. A kì í ka irú rẹ̀ sí àlògbó kìkì nítorí pé ó ti pẹ́. Ohun tí a ń bi í ni pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe níbi tó wà yìí. Nínú ewì yìí, ó sọ ọ̀rọ̀ di ti ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ lójúkojú lẹ́yìn ìlà méje tí a fi ń sọ nípa rẹ̀. Iṣẹ́ gidi nìyẹn. Àléébù rẹ̀ ni pé kò sí ohun tó kàn án pọ̀ mọ́ ìkòkò àti okùn aṣọ, bíi pé ẹlòmíràn ló wá parí ewì náà. Má ní kó yọ ọ́. Bi í pé, “Kí ni aláró yóò máa ṣe lọ́hùn-ún?” kí o sì dákẹ́.

Ní ti àwòrán, ìlà karùn-ún ni mo fẹ́ràn jù. Ẹnìkan lè sọ pé “ẹnu ìkòkò” kì í ṣe ohun tuntun. Òótọ́ ni, ojoojúmọ́ là ń sọ ọ́ tí a kì í rántí ẹnu ènìyàn. “Kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀” ló jí i dìde. Ìlà keje náà gbọ́n. Ẹlòmíràn ì bá sọ pé ọwọ́ ìyá náà dúdú bí aṣọ aró. Òun yí i padà, ó fi aṣọ wọn ọwọ́, aṣọ ni kò sì tó.

Ohun kan wà tí ó mọ̀ tí kò tíì lò. Aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró èlú kì í dúdú. Àwọ̀ ewé ló máa ń ní, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró lójú ẹni, bí a bá sì ṣe ń rẹ ẹ́ léraléra ni ó ń dúdú sí i. Ọmọ tó dàgbà sí ẹ̀bá ìkòkò ti rí èyí. Kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kẹta pé, “Àwọ̀ wo ni aṣọ máa ń ní tó bá kọ́kọ́ jáde?” Kò ní láti lò ó, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ yóò kúrò lára omijé, yóò padà sí ẹ̀yìnkùlé.

Ọ̀rọ̀ bí ìlà ṣe ń lọ lẹ́nu ló kù. A kì í fi iye sílébù díwọ̀n ewì Yorùbá, èémí àti ohùn la fi ń díwọ̀n rẹ̀, síbẹ̀ kíkà wọ́n máa ń fi ibi tí èémí ti já hàn. Ìlà kẹrin ní 12, ìkarùn-ún ní 12, ìkeje ní 13. Ìkẹfà nìkan ní 23! Ibi tó ti wú ni “kí ó tó fi ayé sílẹ̀”, sílébù mẹ́jọ tó ń sọ ohun tí ìlà kejì ti sọ. Fi àkámọ́ yí i ká. Bí ó bá yọ ọ́, 15 ló kù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ni gbogbo ohun tó kù níbẹ̀.

Má fọwọ́ kan “ó dúdú, ó dúdú”. Ẹni tó bá ní kí ó yọ ọ̀kan nítorí àwítúnwí kò tíì kà á sókè. Ohùn òkè mẹ́fà ló tò léra kí “kò” tó já a wálẹ̀, ìlà náà sì parí sí ìsàlẹ̀ lórí “rẹ̀”. Ibi tí ohùn ti já yẹn ni ìbànújẹ́ wà. Bákan náà, má ṣe tú “kò rẹ́ni” sí “kò rí ẹni”. Sílébù kan yóò lé, ìlà yóò sì lọ́ra níbi tó ti yẹ kó ta.

Bí o bá ń kọ èsì, sọ ìlà tí ọ̀rọ̀ kàn, sọ ohun tí ó ṣe sí ọ nígbà tí o kà á, kí o wá béèrè ìbéèrè kan. Má bá a kọ ìlà tuntun. Bí o bá kọ ọ́, tí ó sì dára, yóò lò ó nítorí ọ̀wọ̀, ohùn méjì yóò sì wà nínú ewì kan. Bí ó bá fẹ́ rí àpẹẹrẹ, mú un wá láti inú ewì mìíràn tí kò ní aró nínú. Ìlà keje ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, kó lè mọ ìwọ̀n tí o fi ń wọn àwọn yòókù.

Bá mi kí ẹ̀gbọ́n rẹ. Tí ọmọ náà bá ti tún un kọ, jọ̀ọ́ fi ránṣẹ́, mo fẹ́ rí ohun tó fi sí ìlà kẹta.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́