Ìwé ẹ̀bẹ̀ àwa aláró àti olùtajà àdìrẹ Ìtòkú: ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dáhùn sláìdì kẹjọ

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa, àti gbogbo ẹ̀yin ọ̀gá tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ọjà,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Àwa aláró àti àwa tá à ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta ńbí, la kóra jọ tá a ní ká kọ̀wé sí yín, èmi akọ̀wé ni mo ń bá wọn tẹ̀ ẹ́, ẹ bá mi fojú fo ibi tí ọwọ́ mi bá ti ṣìṣe.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé orí fóònù ni ọ̀pọ̀ kọ́sítọ́mà ti ń ra aṣọ báyìí kí wọ́n tó fẹsẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹnì kan á bèèrè lórí Wọ́sáàpù láago mẹ́fà àárọ̀ pé ṣé aró ara àdìrẹ máa ń ṣí, ẹlòmíì á tún bi ẹ́ ní ìbéèrè yẹn gan-an láago méje, ọwọ́ ẹ sì wà nínú aró títí dé ìgbọ̀nwọ́, o ò lè tẹ nǹkan kan. A wá jókòó, a ka gbogbo mẹ́sééjì tó wọlé fún wa láàárín ọ̀sẹ̀ kan, a rí i pé ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá ṣáá ò ju mẹ́jọ lọ. Ìyẹn la fi ṣe sláìdì, àwòrán tó tò tẹ̀ lé ara wọn téèyàn á máa fi ìka fà láti orí ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí kọ́sítọ́mà ṣe ń bèèrè ẹ̀ gan-an la ṣe kọ ọ́, ìdáhùn kan ṣoṣo ló sì wà lábẹ́ ẹ̀, tí kò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. Ínsítágíráàmù gbà kéèyàn tò tó ogún pọ̀, àwa ò ṣe tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń fi dátà wò ó ò ní wò ó dé ogún.

Ká tó dé ibi tí ẹ̀bẹ̀ wa wà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú wa rí nídìí ẹ̀, kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé a ò kàn fi ṣeré.

Sláìdì tá a kọ́kọ́ ṣe lórí ọ̀rọ̀ ṣíṣí, ohun tá a kọ síbẹ̀ ni pé "Àdìrẹ wa kì í ṣí, ó tọ́jọ́, ẹ ṣáà fọ̀ ọ́ bó ṣe yẹ." Bó ṣe yẹ wo? Ìyá kan ra yáàdì márùn-ún lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wa, ó dà á pọ̀ mọ́ léèsì funfun ọmọ ẹ̀ nínú báàfù kan náà, léèsì di búlúù. Ó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní àwa la kọ ọ́ pé kì í ṣí. Òótọ́ ló sì sọ, àwa la kọ ọ́, owó léèsì yẹn la dá san.

Ẹni tó bá ti dúró ti ìkòkò aró rí á mọ ohun tó fà á. Tá a bá fa aṣọ jáde nínú aró, àwọ̀ ewé ló máa kọ́kọ́ ní, atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di búlúù, ìdí nìyẹn tá a fi ń rì í, tá a ń nà án síta kó fẹ́ ẹ, tá a tún ń rì í padà. Aró tó ti wọnú òwú ò lọ mọ́, àmọ́ èyí tó kàn jókòó sójú aṣọ lásán á bá omi lọ níwọ̀nba ìgbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Tí aláró bá wá kánjú, tí kò jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ ẹ tó tàbí tí kò ṣàn án dáadáa, èyí tó máa jáde á pọ̀ gan-an. Béèyàn ṣe ń mọ̀ ni pé kó fi áńkáṣíìfù funfun tó tutù ra aṣọ náà lára, tó bá kàn kùn ún díẹ̀ kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n tí áńkáṣíìfù bá dúdú bíi pé wọ́n rì í sínú aró, kí aláró gba aṣọ ẹ̀ padà kó lọ ṣàn án. A wá tún un kọ báyìí:

"Ṣé ó máa ń ṣí? Bẹ́ẹ̀ ni, aró díẹ̀ máa jáde tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ bí ẹ̀ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ dá a fọ̀ lómi tútù, ẹ má fi blíìsì sí i. Ẹ sá a síbi òjìji."

Látìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó gbé léèsì wá bá wa mọ́.

Èyí tó tún dùn wá jù ni ti ayédèrú, torí aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ti pọ̀ lójà tí wọ́n ń pè é ní àdìrẹ. A kọ ọ́ sí sláìdì pé kí kọ́sítọ́mà yí ẹ̀yìn aṣọ wò, tí ẹ̀yìn ò bá jọ iwájú, ayédèrú ni. Ìdáhùn náà ṣe ṣókí, ó yéni, àmọ́ kò tọ́! Àwọn ìyá wa tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ ló pariwo, torí ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sí, aró á wá mu ẹ̀yìn tí ẹ̀kọ ò sí, àwòrán ibẹ̀ kì í hàn tó ti iwájú. Ṣé ẹ rí i pé àwa fúnra wa la fẹ́ fi sláìdì ba ọjà àwọn ìyá wa jẹ́. Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí ni pé kí wọ́n wá àwòrán kan tó jáde lẹ́ẹ̀mejì lára aṣọ náà, kí wọ́n gbé e síra wọn, ọwọ́ èèyàn kì í ya méjì kó bára mu pátápátá, ẹ̀rọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Iye owó, a ò kọ ọ́ sórí àwòrán rárá, ọ̀rọ̀ abẹ́ ẹ̀ la kọ ọ́ sí, torí owó ń yí, ọ̀rọ̀ sì ṣeé tún kọ láìyọ àwòrán.

Ó wá ku sláìdì kẹjọ. "Tí mo bá gbé mọ́tò wá láti Èkó, ibo ni mo máa gbé e sí?" Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi wá. Òfìfo ni abẹ́ ẹ̀ wà títí di òní, kì í ṣe àwa la ni ojú títì, a ò sì fẹ́ sọ ohun tí òfin ò bá wa sọ kí mọ́tò àlejò wá bọ́ sí wàhálà nítorí tiwa.

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ dákun, ẹ fi gbólóhùn kan ránṣẹ́ sí wa nínú ìwé, kẹ́ ẹ dárúkọ ibi tí wọ́n lè gbé mọ́tò sí, kẹ́ ẹ sì sọ bóyá wọ́n máa sanwó tàbí wọn ò ní san, bẹ́ ẹ bá ṣe kọ ọ́ náà la máa gbé e síbẹ̀. A tún ń bẹ̀ yín kẹ́ ẹ gbà wá láyè ká tẹ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sórí fílẹ́ẹ̀sì ká gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ọjà, kẹ́ ẹ má sì ka owó sáìnbọ́ọ̀dù sí wa lọ́rùn, torí kò sí orúkọ ṣọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nọ́ńbà fóònù. Tí àwọn tó ń bójú tó ìkéde ní ọ́fíìsì yín bá lè bá wa gbé e sí ojú ìwé yín náà, inú wa á dùn gidi.

Ìparí la fi sláìdì mọ́tò yẹn sí, ká lè yọ òun nìkan kúrò láìba ìyókù jẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti yí ibẹ̀ padà lọ́jọ́ kan, ẹ ṣáà tètè sọ fún wa, a máa yọ ọ́ lọ́jọ́ náà.

Àwa ni tiyín,
Àwọn aláró àti olùtajà àdìrẹ, Ìtòkú, Abẹ́òkúta.