Àdùkẹ́, jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa háṣítáàgì rẹ

Ìtòkú, Abẹ́òkúta.

Àdùkẹ́ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé gáàsì ò tíì wọ́n jù lọ́dọ̀ yín báyìí? Àbúrò rẹ ní kí n kí ọ, ó ní kí o má gbàgbé bàtà òun.

Mo rí kéèkì títà aláwọ̀ búlúù tí o ṣe ní Bódìjà, ní Ìbàdàn, tí o gbé sórí Instagram lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó wù mí débi pé mo gbé fóònù lọ fi han ìyá tó ń pàtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àmọ́ nígbà tí o pè mí lálẹ́ àná, tí o ní ènìyàn 160 ló tẹ ọkàn sí i, kò sì sí ẹyọ kan tó rà, mo padà lọ wo ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ tí o kọ. Háṣítáàgì márùn-ún ni mo bá níbẹ̀: #cake, #explore, #viral, #Lagos àti #UI.

Orí #UI ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ló pa mí lẹ́rìn-ín. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ: Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kún Àgbowó fọ́fọ́. Tẹ UI yẹn síbi tí wọ́n ti ń wá nǹkan, kí o wo ohun tí yóò jáde. Àwòrán ojú fóònù àti ojú kọ̀ǹpútà ni, torí àwọn tó ń ṣètò bí ojú áàpù ṣe ń rí, kárí ayé, UI làwọn náà ń pe iṣẹ́ wọn. Kéèkì rẹ wá jókòó sáàárín wọn bí ẹni gbé ẹ̀kọ lọ tà ní ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ. Mo tẹ orúkọ ogún nínú àwọn tó fún ọ ní ọkàn. Mẹ́ta péré ni mo rí ohun tó fi hàn pé Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé. #UniversityOfIbadan ni kí o máa kọ. Ó gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wá a kò ní ibòmíràn lọ́kàn.

Ti #Lagos yẹn ńkọ́? O sọ pé ẹni méjì béèrè iye tó jẹ́, pé ṣé o lè gbé e dé Lẹ́kkí. Kéèkì oníbọ́tà wo ló máa la go-silóò márosẹ̀ kọjá nínú oòrùn tí kò ní yọ́? Ibi tí ọ̀rọ̀ tìrẹ ti yàtọ̀ sí tèmi nìyẹn. Èmi lè kọ #adire gbàgàdà kí gbogbo ayé rí i, torí aṣọ kì í bà jẹ́ lọ́nà. Obìnrin kan ní Peckham ra yáàdì márùn-ún lọ́wọ́ mi lọ́dún tó kọjá, ọ̀sẹ̀ méjì ló tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò sì sí ohun tó ṣe é. Kéèkì tìrẹ, ibi tí ọlọ́kadà dìsípáàṣì lè gbé e dé láàárín wákàtí kan ló mọ. Nítorí náà, kí o tó kọ táàgì kankan, bi ara rẹ pé: ẹni tó bá fi èyí rí mi, ṣé mo lè gbé ọjà dé ilẹ̀kùn rẹ̀?

#viral àti #explore, yọ wọ́n dànù. Kò sẹ́ni tó ń ṣe ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀ tí yóò tẹ viral láti fi wá kéèkì. #cake sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n èrò ibẹ̀ pọ̀ jù. Kí o tó fọ ọwọ́ rẹ tán, àwòrán ti àwọn ẹlòmíràn láti ìlú gbogbo ti bo tìrẹ mọ́lẹ̀. Tí o bá fẹ́ táàgì gbòòrò kan, #BirthdayCake ni kí o mú, torí ẹni tó ń wo ìyẹn ti ní ọjọ́ kan lọ́kàn.

Má wá sáré lọ sí òdìkejì, kí gbogbo táàgì rẹ di ti àdúgbò nìkan o. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ọgbọ̀n (30) táàgì la máa ń kó sísàlẹ̀ àwòrán kan ṣoṣo. Lẹ́yìn tí Instagram fúnra wọn sọ ní 2021 pé mẹ́ta sí márùn-ún tó, mo ní ó dáa, mo sọ gbogbo tèmi di ti àdúgbò. Oṣù méjì kọjá, àwọn tó ń tẹ ọkàn fún mi ò ju àwọn tí wọ́n ń ta àdìrẹ bíi tèmi lọ. À ń pàtẹ fún ara wa. Òmíràn tí mo fi orúkọ ìsọ̀ mi ṣe, àwòrán mẹ́rin ló wà níbẹ̀, tèmi ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń ṣí táàgì wò kí n tó lò ó. Mo máa ń wo àwòrán mẹ́sàn-án àkọ́kọ́: ta ló gbé e síbẹ̀, ìgbà wo, ìlú wo? Lẹ́yìn náà ni mo máa ń wo ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn kọ sábẹ́ wọn. Tí mo bá rí “èló ni?” àti “ibo lẹ wà?”, mo mọ̀ pé olùrà ń gba ibẹ̀ kọjá. Tó bá jẹ́ “iṣẹ́ yín dára o, ọ̀gá mi” nìkan ló kún ibẹ̀, àwa oníṣòwò la wà níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo ni kéèkì búlúù yẹn, báyìí ni n ó ṣe kọ ọ́:

```
#IbadanCakes #Bodija #Agbowo #UniversityOfIbadan #BirthdayCake
```

Àkọ́kọ́ kó ọjà àti ìlú pọ̀, òun ni mo gbójú lé jù. Ṣí #Bodija wò dáadáa kí o tó lò ó. Tó bá jẹ́ ilé tí wọ́n fẹ́ fi rẹ́ǹtì àti àpò ẹ̀wà ló kún ibẹ̀, fi #IbadanFood dípò rẹ̀. Tó bá di oṣù Kọkànlá, nígbà tí ìkẹ́kọ̀ọ́jáde Yunifásítì Ìbàdàn máa ń bọ́ sí àyíká ọjọ́ 17, yọ #BirthdayCake kí o fi #UIConvocation síbẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, torí ẹni tó bá rí ọ lọ́jọ́ náà gan-an ti ra kéèkì tirẹ̀ tán.

Má fi àyè sáàárín ọ̀rọ̀ o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, o kọ #Ibadan Cakes, #Ibadan nìkan ló di táàgì, Cakes já sílẹ̀. Má sì fi àmì ohùn sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni mo kọ́ ọ ní àmì ohùn. Ẹni tí ebi kéèkì ń pa kò ní tẹ Ìbàdàn pẹ̀lú àmì. Fi àmì sínú ọ̀rọ̀ tí o kọ lókè, kí o sì kọ “Bodija, Ibadan” gbalasa síbẹ̀ náà, torí àwọn kan ń fi ọ̀rọ̀ lásán wá nǹkan. Tẹ Add location, kí o mú Bódìjà. Ìyẹn kò gba àyè táàgì kankan lọ́wọ́ rẹ.

Lo márùn-ún yìí fún kéèkì mẹ́ta tó ń bọ̀, má pààrọ̀ wọn. Má ka ọkàn mọ́. Mú ìwé kékeré kan, kí o máa kọ àwọn tó béèrè iye owó sílẹ̀ àti àdúgbò tí wọ́n ń gbé. Kí o sì máa bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti rí ọ. Àwọn kan ò ní rántí, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo ti fi yáàdì mẹ́rin ránṣẹ́ sí ọ láti gáréèjì, aláwọ̀ ẹlú ni. Tẹ́ ẹ sábẹ́ kéèkì nígbà tí o bá ń ya fọ́tò, tábìlì onírọ́bà yẹn kò bá a mu. Kí o tó gbé ti Sátidé jáde, fi ránṣẹ́ sí mi kí n wò ó.

Ìyá rẹ ni.