Páàdì Tó Bá Ṣí Sílẹ̀ Ló Ń Gbẹ

Ìsìnkàn, Àkúrẹ́.
Oṣù Keje.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

O ṣeun tí o sọ fún mi. Láti alẹ́ ọjọ́ Àìkú tí o ti pè mí pé ojú ara ń yún ọ, tí ohùn rẹ lọ sílẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀, n kò tíì sùn dáadáa. Ìwọ kọ́ lo ṣẹ̀, ọmọ mi. Èmi ni mo rán páàdì aṣọ tí o fi ń ṣe nǹkan oṣù yẹn, èmi ni mo sì rán an lódì.

Ṣé o rántí èyí tí o fi sílẹ̀ sílé nígbà tí o wá kí wa? Mo fọ̀ ọ́ ní ọjọ́ Ajé, mo sá a sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, òjò sì ń rọ̀ láìdáwọ́ dúró. Nígbà tó di Ọjọ́rú, òkè rẹ̀ ti gbẹ táútáú. Mo mú àlùmọ́gàjí, mo là á láti ẹ̀gbẹ́. Táwẹ̀lì inú rẹ̀ ṣì tutù nini, ó ń rùn bí àkísà ìnulẹ̀ tí wọ́n gbàgbé sínú korobá, àmì dúdú wínníwínní sì wà létí ibi tí mo ti rán an pọ̀. Láti inú ló ti ń bu, a ò sì lè rí i níta.

Ìdí rẹ̀ ni pé ìlọ́po mẹ́rin ni mo ká táwẹ̀lì sínú rẹ̀, mo rán gbogbo etí rẹ̀ pa, mo tún fi ọ̀rá tẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ibo ni afẹ́fẹ́ máa gbà wọlé? Ní oṣù Kìíní tí mo rán an, ọyẹ́ ń fẹ́, bí mo bá sá a láàárọ̀ á ti gbẹ kí ọ̀sán tó pọ́n, mo rò pé mo ti ṣe é dáadáa. Òjò ló tú àṣírí iṣẹ́ ọwọ́ mi. O wá ń tì í bọ abẹ́ táwẹ̀lì ìwẹ̀ nínú yàrá yín kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ má baà rí i, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí afẹ́fẹ́ kò dé ni ọ̀rinrin ti ń rí ààyè gbé. Bí ara bá wá jókòó lé ọ̀rinrin yẹn láti àárọ̀ dé alẹ́, yíyún kò lè jìnnà. Da márùn-ún tó wà lọ́wọ́ rẹ nù. Má fi wọ́n ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ.

Èyí tí mo ń fi ránṣẹ́ báyìí, nǹkan méjì ni, a kò sì rán wọn pọ̀ mọ́ra. Ọ̀kan ni mo ń pè ní ìdímú: òun ló ní apá méjì tó ń ká lọ sábẹ́ pátá, tí bọ́tìnì àtẹ̀mọ́ ń so pọ̀. Èkejì ni àtẹ́sínú, òun ló ń gba ẹ̀jẹ̀. Bí o bá ṣí àtẹ́sínú sílẹ̀, aṣọ onígun mẹ́rin pẹlẹbẹ ni, ìlọ́po 2 péré. Bí o bá ká a sí mẹ́ta, ó di ìlọ́po 6, ó sì lè gba ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ tó pọ̀ jù. Nígbà tí o bá sì fọ̀ ọ́ tán, o tún ṣí i sílẹ̀, atẹ́gùn á gba ojú rẹ̀ kọjá. Lórí okùn, ẹni tó bá ń kọjá á rò pé áńkáṣífù ni. Nítorí èyí, kò sí ohun tí o máa tìtorí rẹ̀ fi pamọ́ sábẹ́ nǹkan kan mọ́.

O ní ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń gbé yàrá fẹ́ rán tiẹ̀, jẹ́ kí n ṣàlàyé bí mo ṣe ṣe é. Aṣọ òwú ni kó wá. Tíṣọ́ọ̀tì bọ̀sìkọ́nà dára, síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ dára, bí kò bá tíì gbó débi tó ń fà ya. Kó kán omi sí i lára kó tó rà á: òwú á mu omi náà lójú ẹsẹ̀, èyí tó ní rọ́bà nínú á jẹ́ kí omi máa yí lórí rẹ̀. Bí kò bá dá a lójú síbẹ̀, kó sun fọ́nrán kan níbi tí kò léwu. Òwú ń jó bí ìwé, eérú ló ń dà. Rọ́bà ń yọ́, á sì dì bí ìlẹ̀kẹ̀ dúdú. Kó má lo àdìrẹ tí aró rẹ̀ ṣì ń ṣí. Kó fọ aṣọ náà kó sì sè é kó tó gé e, torí òwú máa ń sún kì nínú omi àkọ́kọ́, páàdì tó bá sì sún kì lẹ́yìn tí a rán an á lọ́ wíwọ́.

Íńṣì 10 sí íńṣì 10 ni mo gé àtẹ́sínú, mo da aṣọ méjì kọjú síra, mo rán an yí ká, mo fi ààyè díẹ̀ sílẹ̀ láti fi yí inú rẹ̀ síta, mo sì tún ojú rẹ̀ rán. Íńṣì 9 ló kù. Bí o bá ká a sí mẹ́ta, íńṣì 3 ni fífẹ̀ rẹ̀. Ìdímú gùn ní íńṣì 10, láti ṣóńṣó apá kan dé èkejì sì jẹ́ íńṣì 8. Mo rán ọ̀já rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ dábùú iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, abẹ́ ọ̀já yẹn ni àtẹ́sínú ń bọ́ sí tí kò fi ní yẹ̀.

Ẹ̀yìn ìdímú ni mo fẹ́ kí ó ṣọ́ra sí. Aṣọ agboòrùn tó ti kán ni mo lò, kì í ṣe ọ̀rá. Ọ̀rá máa ń mú ara gbóná, á mú kí òógùn jókòó, ó sì ń pariwo bí èèyàn bá ń rìn. Kó kọ́kọ́ ká aṣọ agboòrùn náà bí abọ́, kó bu omi sí i, kó dúró díẹ̀. Bí omi bá ń yọ lábẹ́, ó ti gbó, kò wúlò. Kó má sì rán ìlà kankan gba àárín ìdímú kọjá, torí gbogbo ojú abẹ́rẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ lè gbà jáde.

Mo ṣírò iye tí yóò tó ọ. Ọjọ́ 5 lo máa ń ṣe. O ń pààrọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin ní ọjọ́ kìíní, lẹ́ẹ̀mẹ́rin ní ọjọ́ kejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn náà ó ń dín kù. Èyí tí o bá fọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kìíní, nígbà ọyẹ́, á gbẹ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, o ti lè lò ó ní ọjọ́ kẹta, nítorí náà 8 tó. Nígbà òjò, ó lè di alẹ́ ọjọ́ kẹta kó tó gbẹ. Ìyẹn ni pé 4, àti 4, àti 3 gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí ti ọjọ́ kìíní tó padà wá: 11. Mo rán 12, àti ìdímú 4. Mẹ́fà ni mo fún ọ tẹ́lẹ̀, n kò ṣírò òjò rárá. Ìyẹn ló jẹ́ kí o máa wọ tútù.

Máa pààrọ̀ láàárín wákàtí 4 sí 6, kódà bí kò bá tíì kún. Èyí tí o bá yọ ní kíláàsì, ká a sínú, fi í sínú àpò kékeré tí mo fi sínú ẹrù, kí o sì fọ̀ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an.

Omi tútù ni kí o kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sí, bí ìdajì wákàtí. Omi gbígbóná ń mú ẹ̀jẹ̀ sè mọ́ òwú bí ẹyin ṣe ń sè, àbàwọ́n náà kò ní lọ mọ́. Má sì jẹ́ kó sùn nínú omi, ẹ̀jẹ̀ tó bá pẹ́ nínú omi ń rà. Da omi pupa nù, fi ọṣẹ ìfọṣọ lásán bọ́ ọ lọ́wọ́, kí o wá ṣàn án títí omi á fi mọ́ kedere tí kò ní yọ̀ lọ́wọ́ mọ́. Ọṣẹ tó kù sínú òwú náà ń fa yíyún, bóyá ó tilẹ̀ wà nínú ohun tó ṣe ọ́. Má da bílíìṣì tàbí omi apakòkòrò líle sí i, má sì lo omi olóòórùn tí ń mú aṣọ rọ̀: kì í jẹ́ kí òwú mu omi dáadáa mọ́. Bí nǹkan oṣù bá parí, se àwọn àtẹ́sínú nínú ìkòkò tí ẹ kì í fi dáná fún bí ìṣẹ́jú 10. Ìdímú kò gbọ́dọ̀ wọ inú omi tó ń hó, ẹ̀yìn rẹ̀ á bàjẹ́.

Sísá ni ọ̀rọ̀ wà. Bí oòrùn bá yọ, ṣí i sílẹ̀ gbalaja sójú oòrùn, kí pẹ́ẹ̀gì di etí kan ṣoṣo mú. Má tẹ́ ẹ sórí koríko tàbí ilẹ̀. Eṣinṣin kan wà tó ń yé ẹyin sára aṣọ tútù tàbí ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ibòji. Bí ẹyin náà bá pa, ìdin rẹ̀ á wọ inú awọ èèyàn, á wú bí eéwo. Àyọ́ọ̀nù ló ń pa á. Nítorí náà, lọ gbogbo àtẹ́sínú tí o bá sá síta, tojú tẹ̀yìn. Ìdímú ní tirẹ̀, inú ilé ni kí o sá a sí níbi tí atẹ́gùn ń gbà, aṣọ rẹ̀ fẹ́lẹ́.

Bí òjò kò bá dá, sá a sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí síwájú fáànù, kí o fi àyọ́ọ̀nù parí rẹ̀. Àyọ́ọ̀nù eléèédú náà dára bí kò bá sí iná. Bí èéfín omi bá ṣì ń rú sókè, kò tíì gbẹ. Kó o tó tò ó sínú àpò, gbé etí rẹ̀ tí a rán, tó nípọn jù, kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọwọ́ lè tàn ọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kì í tàn ọ́. Bó bá tutù lẹ́rẹ̀kẹ́, tún sá a.

Èyí tó bá ń rùn lẹ́yìn tí o ti fọ̀ ọ́ tó sì ti gbẹ, tàbí tó ní àmì dúdú, sọ ọ́ nù kí o sọ fún mi, mo ní aṣọ nílẹ̀. Má yá ẹnikẹ́ni, má sì yá tẹnikẹ́ni lò, ì báà ṣe ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́.

Ní ti yíyún yẹn, omi lásán ni kí o fi ṣan ìta ara, má fi ọṣẹ tàbí álọ́ọ̀mù wọ inú. Bó bá fi máa di ọjọ́ Ẹtì tí kò lọ, lọ sí ilé ìwòsàn. Bí omi olóòórùn bá ń jáde, tàbí ìsàlẹ̀ ikùn ń dùn ọ́, tàbí ibà mú ọ, má dúró de ọjọ́ Ẹtì. Pè mí, màá fi owó ránṣẹ́, o kò ní láti ṣàlàyé ohunkóhun fún bàbá rẹ.

Mo ti fún awakọ̀ ọkọ̀ Oǹdó lẹ́rù náà láàárọ̀ yìí, ó ní òun á dé kí aago méjì tó lù. Àpò pupa ni. Fọ gbogbo àtẹ́sínú lẹ́ẹ̀kan kó o tó lo èyíkéyìí, kí o sì fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ dán wọn wò, kí o pè mí sọ iye ọjọ́ tí wọ́n fi gbẹ ní yàrá yín. Bó bá ju ọjọ́ méjì lọ, màá rán 4 sí i.

Èmi ni,
Màmá rẹ.