Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ìdí tí èrè yín fi ń di aláwọ̀ eérú

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú ọjà o.

Láti ìgbà tí a ti tún dáṣíbọ́ọ̀dù wa tí ẹ fi ń wo èrè àti àdánù òwò yín ṣe, ìbéèrè kan náà lẹ ń bi wá: kí ló dé tí iye èrè ń di aláwọ̀ eérú nígbà mìíràn? Kò bàjẹ́ o. Àwa la ṣe é bẹ́ẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú yín fi dọ́là ra yúrò 10,000 ní 1.0850. Dáṣíbọ́ọ̀dù wa ń fi EUR/USD hàn ní 1.0880, èrè 30 dọ́là, ó sì ń dán ní àwọ̀ ewé. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó lọ jẹun. Àṣé iye yẹn ti pé ìṣẹ́jú mẹ́rin! Ọjà ti wálẹ̀ sí 1.0835, àdánù 15 dọ́là ló wà nílẹ̀.

Ẹ̀bi wa ni. A kọ ọ́ sókè pé ojú ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ara rẹ̀ ṣe, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n iye tó ti pẹ́ ló ń tún fi hàn. Okùn tó so wá mọ́ orísun iye owó kò já, ó kàn dákẹ́ ni, bí ẹni tó sùn lọ lórí fóònù.

Ní báyìí, àkókò tí orísun kọ sára iye owó là ń wò. Òwò kọ̀ọ̀kan tí ẹ kò tíì pa dé ní ọjọ́ orí iye owó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èrè tàbí àdánù. Tí ọjà owó ilẹ̀ òkèèrè bá wà ní ṣíṣí, tí iye sì kọjá ìṣẹ́jú àáyá 5, ó di eérú. A kọ́kọ́ lo pupa tó ń ṣẹ́jú, àwọn kan sì rò pé àdánù ni, ìyẹn la fi pa á tì.

Àròpọ̀ tó wà lókè ń gba ọjọ́ orí èyí tó dàgbà jù. Mẹ́ta lè tutù yọ̀yọ̀, kí ẹyọ kan ti ṣá, gbogbo àròpọ̀ á di eérú. Àwọn kan ń bínú sí èyí, ṣùgbọ́n a ò ní yí i padà. Èrè òwò tí ẹ ti pa dé wà lọ́tọ̀, òun kì í ṣá.

Tí ọjà bá ti tì ní òpin ọ̀sẹ̀, "Ọjà ti tì" lẹ ó rí. Ìpín ìdókòwò ilé iṣẹ́ tiwa-n-tiwa ṣòro díẹ̀: ó lè pé wákàtí mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó ra á, láìsí pé nǹkan kan bàjẹ́. Fún ìyẹn, àmì "mo wà níbí" tí orísun ń fi ránṣẹ́ léraléra là ń ṣọ́. Bí àmì náà bá dákẹ́ nìkan ni eérú á dé.

Tí ẹ bá rí eérú, ẹ wo áàpù bírókà yín kí ẹ tó pa òwò kankan dé.