Àbẹ̀kẹ́, kó o tó lọ bá ọ̀gá rẹ

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Kú iṣẹ́ o, kú ìtọ́jú ìyá. Ẹ̀gbọ́n rẹ sọ fún mi pé lọ́jọ́ Ajé lo fẹ́ lọ bá dìrẹ́tọ̀ yín, kó o ní kó máa jẹ́ kó o gbé ìyá lọ sọ́dọ̀ kiné tó ń bá a na apá tí rọpárọsẹ̀ mú, nígbàkígbà tó bá yẹ. Jọ̀ọ́, má tíì lọ.

Nígbà tí bàbá mi ń ṣàìsàn, bí èmi náà ṣe ṣe nìyẹn. Ọ̀gá mi ìgbà yẹn dáa gan-an, ó ní kí n máa lọ, a ti gbọ́ra wa yé, ìwé kankan ò sí láàárín wa. Oṣù kẹta ni wọ́n gbé e lọ síbòmíì, ẹni tó rọ́pò ẹ̀ ṣí ìwé, ó rí ọjọ́ mọ́kànlá tí mi ò sí níbi iṣẹ́, ó ní mo pa iṣẹ́ tì. Kí ni mo fẹ́ fi hàn án? Wọ́n gé owó oṣù mi, wọ́n fi ìwé ìkìlọ̀ sínú dòsíè mi, títí mo fi gba rẹ̀tírẹ́ẹ̀tì ló wà níbẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí.

Torí náà má sọ pé "nígbà tó bá yẹ". Ọ̀gá ò lè fi ìyẹn ṣètò iṣẹ́, ó sì máa rò pé ojoojúmọ́ ni. Kiné ti sọ pé àárọ̀ Ìṣẹ́gun àti àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni ìyá máa wá, fún oṣù mẹ́rin, kí apá ọ̀tún yẹn lè máa gbéra. Àárọ̀ méjì yẹn gan-an ni kó o béèrè. Aago mẹ́jọ sí méjìlá ààbọ̀ ni àárọ̀ yín, wákàtí mẹ́rin ààbọ̀, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ó di mẹ́sàn-án, nínú 40 tí òfin Bẹ̀nẹ̀ ní ká máa ṣe ó ku 31. Owó oṣù rẹ 160.000 fáránkì sẹfà, tí wọ́n bá pín in bó ṣe yẹ, 124.000 ló máa kù, ìyẹn ni pé 36.000 máa lọ lóṣù. Ṣírò ẹ̀ kó o tó wọlé, kó má baà jẹ́ pé ọ̀gá ló máa pe iye tó wù ú. Owó ṣíẹ́nẹ̀sẹ̀sẹ̀ tí ẹ ń san fún ìfẹ̀yìntì náà máa dín díẹ̀ o, torí orí owó tó o bá gbà ni wọ́n ti ń yọ ọ́.

Ọjọ́ kọngé rẹ, ọjọ́ ìsinmi tí wọ́n ń sanwó fún, ńkọ́? Ọjọ́ méjì lóṣù kan ni òfin fún wa, 24 lọ́dún. Mo mọ̀ pé o fẹ́ ná gbogbo ẹ̀ sórí ìyá kí owó má baà dín. Má ná an tán. Àìsàn rọpárọsẹ̀ lè yí padà lóru kan, ọjọ́ tí wọ́n bá ní ká gbé e lọ sí ọsibítù, kí lo máa fi dúró tì í?

Nǹkan tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé kí wọ́n dín wákàtí kù kí wọ́n má dín iṣẹ́ kù. Ọ̀pọ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí bẹ́ẹ̀ lójú mi. Tó o bá ti rí i pé ò ń ṣí òdinátọ̀ ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí ìyá ti sùn, àbọ̀ owó lò ń gbà fún odindi iṣẹ́ nìyẹn. Nínú lẹ́tà náà, dárúkọ dòsíè iṣẹ́ tó máa kúrò lọ́wọ́ ẹ, kó o sì dárúkọ ẹni tó máa gbà á, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ bá onítọ̀hún sọ ọ́ kí ọ̀gá tó gbọ́. Kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kọ ọjọ́ tó parí, kọ ọ́ pé lẹ́yìn ìyẹn o máa padà sí wákàtí 40 àti owó rẹ ní kíkún, torí tí kò bá ní òpin wọ́n lè sọ ọ́ di ti títí láé. Kí ọ̀gá buwọ́ lù ú bí àfikún kọ́ńtírà, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ ẹ. Ní ti ìwé dókítà, kó kọ ọjọ́ àti oṣù tí ìyá nílò ẹni tó máa mú un lọ, ìyẹn ti tó, orúkọ àìsàn ò kàn wọ́n.

Ohun kan ṣì wà tó o lè fi tu ọ̀gá lójú. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa ń kó ìwé ìmpò, ìwé owó orí, lọ, sọ pé o máa wá ní kíkún, kí wọ́n sì san ọ̀sẹ̀ yẹn ní kíkún. Èmi ni màá gbé ìyá lọ. Màá wọ tàkísí láti Kétu gba Pọ̀bẹ̀ wá sí Àjàṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Ajé, màá sùn lọ́dọ̀ yín títí di Ọjọ́bọ̀.

Mo ti bá ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Líbúrẹ́fìlì ní Gàbọ́ọ̀nù sọ̀rọ̀. Mo ní 36.000 yẹn kì í ṣe gbèsè ẹ nìkan, ìyá gbogbo wa ni, ó ti ní òun máa fi 20.000 ránṣẹ́ lóṣooṣù, èmi máa wá ìyókù.

Tó o bá ti kọ lẹ́tà yẹn tán, pè mí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kó o kà á fún mi. Bá mi kí ìyá, sọ fún un pé mo ti rí ẹ̀fọ́ yánrin tó ní kí n bá òun wá.

Bàbá ẹ