Lẹ́tà Ìparí Sáà Kejì: Bátìrì Láptọ́ọ̀pù Tó Wú

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa,

Ẹ kú ooru o, ẹ sì kú ìnáwó ọmọ. Èsì ìdánwò sáà kejì wà nínú àpòòwé tí ọmọ yín mú wálé, ọjọ́ ìwọlé sì wà lẹ́yìn káàdì náà. Ọ̀rọ̀ owó bọ́ọ̀sì, a ti sọ ọ́ ní ìpàdé òbí àti olùkọ́, n kò ní tún un sọ. Nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ ní ilé-ìgbé àwọn ọmọbìnrin ni mo fẹ́ fi ìyókù lẹ́tà yìí sọ, nítorí irú láptọ́ọ̀pù tí ọ̀rọ̀ náà kàn wà nínú ọ̀pọ̀ ilé tí lẹ́tà yìí ń lọ, láti Tánkẹ̀ títí dé Ọ̀fà.

Ọmọ SS2 kan ní láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rà fún un kó lè máa fi múra sílẹ̀ de ìdánwò JAMB. Láàárín sáà, tọ́ọ̀ṣìpáàdì rẹ̀, ibi pẹrẹsẹ tí à ń fi ìka rìn lórí rẹ̀ láti darí atọ́ka, kò tẹ̀ mọ́. Ọmọ náà rò pé eruku ló kó sí i. Nígbà tó yá, etí rẹ̀ kan gbé sókè débi pé ìka ń kọ lù ú. Láptọ́ọ̀pù náà wá ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún lórí tábìlì, ìdérí rẹ̀ kò sì pàdé mọ́. Kí ni ọmọ ṣe? Ó ń to ìwé ńláńlá lé e lórí lálẹ́ kó lè padà tẹ́. Lórí bẹ́ẹ̀dì ló ti ń ṣe é, pẹ̀lú ṣájà lára rẹ̀, torí òru ni iná máa ń dé. Alhaja tó ń mójú tó ilé-ìgbé ló rí i, wọ́n sì ránṣẹ́ pe olùkọ́ ICT.

Tọ́ọ̀ṣìpáàdì náà kò bàjẹ́. Bátìrì tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń tì í sókè. Nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù òde òní, abẹ́ ibi tí a ń gbé ọwọ́ lé ni wọ́n máa ń tẹ́ bátìrì sí. Bí ó bá wú, ibi tó bá rọrùn jù lọ láti yẹ̀ ni yóò gbé sókè, tọ́ọ̀ṣìpáàdì ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ nítorí pé ó fẹ́lẹ́. Nígbà mìíràn, ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ ni yóò yọ ikùn, tàbí kí àwọn bọ́tìnì àárín kíbọ́ọ̀dù gbé sókè.

Mo ti kọ́ni ní kẹ́mísírì fún ìgbà pípẹ́ kí n tó jókòó sí ọ́fíìsì yìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀ díẹ̀. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù inú láptọ́ọ̀pù jẹ́ sẹ́ẹ̀lì méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí wọ́n fi ọ̀rá dídán dì pinpin. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ìpele kọ́pà àti ti alumíníọ́mù ni wọ́n tò lé ara wọn, pẹ̀lú awọ kan tó fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ láàárín wọn, kí apá kan má ba à kan ìkejì. Omi kan tó ń gbiná bíi kẹrosíìnì ló sì rin gbogbo rẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì bá kún, tí fólítì rẹ̀ wà ní nǹkan bíi 4.2, tó sì tún gbóná, omi yìí a máa jẹrà díẹ̀díẹ̀, yóò sì di gáàsì. Ọ̀rá náà kò ní ojú ihò kankan, gáàsì kò ríbi gbà, ni yóò bá wú bí ọ̀rá píọ́ wọ́tà tí wọ́n gbàgbé sínú oòrùn.

Ẹ wá wo bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ wọ̀nyí níbí. Oṣù kejì sí oṣù kẹrin, ooru Ìlọrin kò ṣeé fẹnu sọ. Torí a kò mọ ìgbà tí iná yóò lọ, a kì í yọ ṣájà: láptọ́ọ̀pù a wà ní 100% láti àárọ̀ di alẹ́. Ọmọ a wá gbé e lé orí fóòmù, fóòmù a dí ojú ibi tí ooru ẹ̀rọ ń gbà jáde. Kíkún àti gbígbóná, àwọn méjèèjì tí bátìrì kò fẹ́ papọ̀, a kó wọn jọ fún un. Ti tòkunbọ̀ tún burú sí i, torí ó ti lo ọdún mélòó kan lọ́wọ́ ẹlòmíràn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ibi tí ewu wà nìyí. Bí nǹkan bá gún sẹ́ẹ̀lì tó wú, tàbí tí a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ débi tí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn fi ya, apá méjèèjì yóò pàdé, iná inú rẹ̀ yóò sì tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Sẹ́ẹ̀lì yóò gbóná, omi inú rẹ̀ yóò gbiná, ooru yẹn yóò sì ran sẹ́ẹ̀lì kejì. Èéfín tó ń jáde níbẹ̀ ní májèlé nínú, kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń dúró fà símú. Ọ̀pọ̀ bátìrì tó wú ni kì í gbiná rárá, n kò fẹ́ fi ìyẹn dẹ́rù bà yín. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fojú wò ó kó mọ èyí tí yóò gbiná. Ìwé tí ọmọ wa ń tò lé e lórí, iṣẹ́ tí kò yẹ kó ṣe gan-an ló ń ṣe.

Olùkọ́ ICT pa ẹ̀rọ náà pátápátá, kì í ṣe pé ó kàn dé e, ó sì yọ ṣájà. Kò tẹ tọ́ọ̀ṣìpáàdì náà padà, kò sì tú u. Ó gbé e ní pẹrẹsẹ lé orí yanrìn gbígbẹ lẹ́yìn ilé, lábẹ́ ibòòji, níbi tí kò sí pákó tàbí aṣọ. Bàbá ọmọ náà dé lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní ẹnì kan ti sọ fún àwọn lórí fóònù pé kí àwọn fi abẹ́rẹ́ gún un kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Mo ní, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ má gún un." Gáàsì tí wọ́n fẹ́ jẹ́ kó jáde yẹn ń gbiná, abẹ́rẹ́ náà yóò sì so ìpele inú sẹ́ẹ̀lì pọ̀. Kò sí bí a ṣe lè mú bátìrì tó ti wú padà sípò. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n gbé e sínú fíríìsà. Ìyẹn náà kò tún un ṣe.

Oníṣẹ́ tí bàbá náà mú un lọ bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó ṣe, kí ẹ lè dá oníṣẹ́ gidi mọ̀. Lẹ́yìn tó ṣí ìsàlẹ̀, okùn tó so bátìrì mọ́ bọ́ọ̀dù ló kọ́kọ́ yọ, kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn. Ó tú àwọn ìdè rẹ̀, ó wá fi pákó rọ́bà pẹlẹbẹ gbé e díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fi súkúrúdíráífà irin wọ́ bátìrì tó wú jáde, ẹ gba ẹ̀rọ yín lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta, méjì tẹ́, ẹyọ kan ló wú, òun náà ló wà lábẹ́ tọ́ọ̀ṣìpáàdì gan-an. Bí wọ́n ti yọ ọ́ tán, tọ́ọ̀ṣìpáàdì padà sípò, ó sì ń tẹ̀. Bí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè jẹ́ pé ara ẹ̀rọ náà yóò ti wọ́.

Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára bátìrì àtijọ́ kí ẹ tó ra òmíràn. Nọ́ńbà rẹ̀ àti fólítì rẹ̀, bí àpẹẹrẹ 11.4V tàbí 7.6V, gbọ́dọ̀ bá ti ẹ̀rọ yín mu. N kò ní gbà yín nímọ̀ràn láti ra bátìrì àlòkù nítorí owó. Bí owó kò bá tíì sí, ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù lè máa ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ṣájà nìkan lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ bátìrì; kí ọmọ kàn máa fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ lóòrèkóòrè, torí bí iná bá lọ, ẹ̀rọ náà kú nìyẹn.

Ẹ má ju èyí tí wọ́n yọ sí àkìtàn, pàápàá níbi tí wọ́n ti ń dáná sun ìdọ̀tí. Ẹ fi téèpù bo ẹnu ibi tó ti ń so mọ́ ẹ̀rọ, ẹ gbé e sínú agolo tó ní yanrìn gbígbẹ níta, ẹ má sì dé e pinpin. Ẹ lè mú un wá sí ilé-ẹ̀kọ́. A ó fi kún tiwa títí àwọn tó ń kó ẹ̀rọ àlòkù yóò fi wá gbé e.

Bí ẹ bá gbọ́ ìró ṣíṣì, tí èéfín ń jáde, tàbí tí ẹ gbọ́ òórùn tó jọ ti nǹkan tí wọ́n fi ń nu kùtẹ́ẹ̀sì, ẹ kó àwọn ọmọ jáde kíákíá, ẹ pa iná mànàmáná ilé bí ẹ bá lè dé ibẹ̀ láìséwu, kí ẹ sì pe 112. Bí iná náà bá ṣì kéré, tí ṣájà kò sí lára rẹ̀, omi púpọ̀ ló dára jù láti fi tù ú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù omi níbẹ̀, ṣùgbọ́n omi ló ń gba ooru náà, kí ó má ba à ran sẹ́ẹ̀lì tó kù. Bí ó bá kú tán, ẹ má gbé e. Ó lè tún ràn.

Ẹ̀rọ tí ọmọ kò ní lò nígbà ìsinmi, kí ó fi í sílẹ̀ ní nǹkan bíi 50%, kó pa á, kó gbé e síbi tó tutù nínú ilé. Kì í ṣe inú mọ́tò. Fún ẹni tó ń fi ṣájà sí i lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ní ibi tí a ti lè ní kó dúró ní 80% tàbí kó dín sí i. Lórí ọ̀pọ̀ Lenovo, ẹ ṣí Lenovo Vantage, ẹ tan Conservation Mode. Ti àwọn mìíràn wà nínú BIOS, ètò ìpìlẹ̀ inú ẹ̀rọ; olùkọ́ ICT yóò fi han ẹni tó bá béèrè.

Láti ọjọ́ ìwọlé, a ó máa gbé láptọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan lé tábìlì gíláàsì ní ẹnu ọ̀nà, a ó wò ó láti ẹ̀gbẹ́, a ó sì fi ìka yí etí tọ́ọ̀ṣìpáàdì po. Èyí tó bá mì, tàbí tí etí rẹ̀ bá gbé, kò ní wọ ilé-ìgbé. Ẹ lè ṣe àyẹ̀wò yìí fúnra yín nílé lónìí, pẹ̀lú tiyín tí ẹ fi ń ṣòwò. Ọmọ kankan kò sì gbọ́dọ̀ fi ṣájà sí láptọ́ọ̀pù lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́. A ti ṣe tábìlì fún un nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, wọn yóò sì máa pa iná ibẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀gá Àgbà, Ìlọrin